Kí Àṣírí Tó Tú: Àyẹ̀wò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Áàpù Tuntun

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí. Áàpù ni ilé-iṣẹ́ yìí fi ń yá àwọn èèyàn lówó. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, àtẹ̀jíṣẹ́ á máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Àwọn yẹn kò yáwó, wọn kò dúró fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó lo nọ́ńbà wọn.

Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe kọ áàpù náà gan-an ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí àyẹ̀wò ewu àṣírí wáyé kí áàpù tó jáde. Òfin ìdáàbòbò ìwífún tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023 sọ ọ́ di dandan ní abala 28 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo ìwífún àwọn èèyàn lọ́nà tó lè kó wọn sínú ewu ńlá. Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwífún náà ṣe, bóyá wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́, ewu tó lè bá ẹni tó ni ín, àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí ewu náà. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ìwífún tí òfin yìí fún ní ààbò àrà ọ̀tọ̀.

Ká fi áàpù aláboyún ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì máa tẹ ìwọ̀n ara, ìfúnpá àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláboyún sínú fóònù dípò káàdì tí ìyá ń gbé kiri. Wọ́n tún fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa rán ìyá létí ọjọ́ tó máa wá.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ya ọ̀nà tí ìwífún ń gbà sórí ìwé. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n mú ẹyọ ìwífún kan, kí wọ́n tẹ̀ lé e títí dé òpin. Ká ní èsì àyẹ̀wò kòkòrò HIV ni. Ó kúrò nínú láàbù, ó dé fóònù nọ́ọ̀sì, ó gba ibẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù, ẹ̀dà rẹ̀ sì lè wà ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn tó ń tún áàpù ṣe lè rí i. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn rán an náà rí i. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ẹni tó lè rí i sílẹ̀, iye ìgbà tó máa wà níbẹ̀, àti ohun tó fún onítọ̀hún láṣẹ.

Ibùdó kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Àwọn tó ń kọ áàpù kì í fi ọwọ́ ara wọn kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń mú iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ kún un, bí èyí tó ń ka iye èèyàn tó ń lo áàpù àti ohun tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀. Irú rẹ̀ ló kó bá Flo, áàpù tí àwọn obìnrin fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù àti oyún wọn. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà kéde pé Flo ṣèlérí fún àwọn obìnrin pé ọ̀rọ̀ ìlera wọn kò ní jáde, síbẹ̀ ó ń lọ sọ́dọ̀ Facebook àti Google nípasẹ̀ irú iṣẹ́ àmúkún yìí. NITDA náà bá irú rẹ̀ nínú áàpù Soko.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bóyá wọ́n nílò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa bi í. Áàpù fẹ́ ka àwọn nọ́ńbà inú fóònù, èyí tí Android ń pè ní `READ_CONTACTS`: èwo nínú ìtọ́jú aboyún ló nílò rẹ̀? Kò sí, nítorí náà kí wọ́n yọ ọ́. Ọjọ́ orí ìyá ńkọ́? Dókítà nílò rẹ̀. NIN rẹ̀ ńkọ́? Bí nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn bá ti tó láti dá a mọ̀, kí wọ́n má gbà á. Ẹni tó bá dáhùn pé "ó lè wúlò lọ́jọ́ iwájú" kò tíì dáhùn. Ohun tí wọn kò bá gbà, kò sí bó ṣe máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ni wíwọn ewu. Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo: "Ẹ rántí láti wá gba oògùn HIV yín ní Ọjọ́bọ̀." Ó dé fóònù tí ọkọ ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́, tàbí tí àbúrò ọkọ fi ń gbọ́ orin. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wọ̀n: bó ṣe ṣeé ṣe tó kó ṣẹlẹ̀, àti bí ọṣẹ́ tó máa ṣe ṣe pọ̀ tó. Ó ṣeé ṣe gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ń pín fóònù lò. Ọṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè lu obìnrin náà, wọ́n lè lé e kúrò nílé, ó sì lè tìtorí ẹ̀ sá fún ilé ìwòsàn pátápátá. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tó lè gbà á lọ́wọ́ èyí, nítorí ibi tí wọ́n rán ọ̀rọ̀ náà sí gan-an ló dé.

Àwọn tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kì í sábà ronú kan èyí. Àwọn aláboyún àti nọ́ọ̀sì ló máa sọ fún wọn, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé tí èrò bá pọ̀, gbogbo àwọn máa ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ẹyọ kan wọlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí àṣírí bá tú, kò sí ẹni tó máa mọ ẹni tó ṣí ìwé aláìsàn wò.

Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni kí gbogbo ìyá máa gbà: "Ẹ rántí ìpàdé yín ní Ọjọ́bọ̀." Èsì àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ gba orí fóònù lọ. Kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí áàpù sì máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí ìwé aláìsàn sílẹ̀. Èsì HIV kò gbọdọ̀ hàn sí ẹni tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú ìyá náà. Síbẹ̀, ewu díẹ̀ ṣẹ́ kù: ìránnilétí lásán lè tú obìnrin tí kò tíì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lóyún. Nítorí náà, kí ìyá lè sọ pé òun kò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, kó sì máa lo káàdì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ewu bá ṣì pọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, òfin ní kí wọ́n kàn sí NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin yìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí kì í parí síbẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ kí àwọn ìyá máa sanwó oògùn látinú áàpù náà lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí tuntun ni, ewu tuntun sì bá a wá: rìsíìtì tó dárúkọ oògùn lè tú àṣírí tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti pa mọ́.

Àyẹ̀wò ojú ayé kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́: ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí áàpù ti jáde. Ẹ wo ewu tó wà nínú rẹ̀: olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì àti owó ìtanràn nìkan ni. Ẹ wo ohun tó yí padà nínú áàpù nítorí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹyọ kan, wọn kò ṣe àyẹ̀wò.

Òfin kò sọ pé dandan ni kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ yìí síta, ṣùgbọ́n ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwífún yín ṣe, ẹni tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìgbà tó máa wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè. Bí áàpù owó tàbí ti ìlera bá ní àfi kí ẹ ṣí nọ́ńbà àwọn ará yín fún òun, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì fẹjọ́ rẹ̀ sun NDPC.