Àmì Kan, Ìró Kan: Bí Ìró Ẹsẹ̀ àti Ìkọlù Ṣe Ń Bá Àkókò Mu Nínú Eré Kọ̀ǹpútà

Nínú eré kọ̀ǹpútà, inú fáìlì kan ni ìrìn akọni eré wà, inú fáìlì mìíràn sì ni ìró bàtà rẹ̀ wà. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni àmì kékeré kan tí ẹni tó ń ṣe eré náà fi sórí ìlà àkókò ìrìn náà. Bí àkókò bá dé ibi àmì, ẹ̀rọ tó ń gbé eré ṣiṣẹ́ á pe iṣẹ́ kan: kí ìró ẹsẹ̀ dún, tàbí kí àpótí ìkọlù ṣí. Àpótí ìkọlù ni àpótí tí ojú kì í rí, tí wọ́n fi yí idà tàbí ìkúùkù ká. Ohunkóhun tó bá kàn án nígbà tó wà ní ṣíṣí ni a kà sí ẹni tí wọ́n lù. Nínú Unity, tí ọ̀pọ̀ olùṣe eré ń lò, Animation Event ni orúkọ irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ká mú ìrìn kan tó ní férémù 30, tó sì gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀ ní férémù 7, ẹsẹ̀ ọ̀tún ní férémù 22. Lójú ẹni tó ń fi àmì sí i, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ máa dúró ní férémù 7 gan-an kó tó pe ìró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù tí kò lágbára lè máa ya àwòrán 20 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó fo láti 0.20 sí 0.25, nígbà tí férémù 7 wà ní 0.233. Ohun tí ẹ̀rọ ń bi ara rẹ̀ léèrè ni pé: níbo ni àkókò wà lẹ́ẹ̀kan, níbo ló dé báyìí, ǹjẹ́ àmì kan wà láàárín méjèèjì? Bó bá wà, á pè é nígbà tó dé 0.25. Ìró náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọnù. Nítorí náà, pé àmì wà lórí férémù kan pàtó kò ju ìlérí pé a ó pè é ní àwòrán àkọ́kọ́ tó bá kọjá ibẹ̀.

Ààlà ni wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Igi tó hù sórí ààlà oko méjì, bí olóko méjèèjì bá ń ká èso rẹ̀, ìjà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tó bọ́ sí 0.25 gẹ́lẹ́: ó jẹ́ òpin àlàfo kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kọ irú ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu pé òpin nìkan ló ni àmì, ìbẹ̀rẹ̀ kò ní in. Ìrìn tó ń yípo tún ní ààlà tirẹ̀, nítorí férémù 0 àti férémù 30 jẹ́ ìdúró kan náà. Ẹni tó bá fi àmì sí méjèèjì á gbọ́ ìgbésẹ̀ méjì níbi tí ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan ni kó fi síbẹ̀.

Èyí tó ń da àwọn olùṣe eré láàmú jù ni ìgbà tí a bá pa ìrìn àti ìsáré pọ̀. Bí akọni bá ń yára díẹ̀díẹ̀, Blend Tree ti Unity á po ìrìn àti ìsáré pọ̀ bí ẹni ń po ọ̀dà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmì àwọn méjèèjì sì ń pe ìró. Ká ní ìsáré ní férémù 20, ní 30 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì kanlẹ̀ ní férémù 5. Ti ìrìn ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdá 0.233 rẹ̀ ti lọ, ti ìsáré nígbà tí ìdá 0.25 ti lọ. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, yíyípo kan á gba nǹkan bí 0.83 ìṣẹ́jú àáyá, ìró méjèèjì á sì fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá jìnnà síra. Etí á gbọ́ ọ bí ìgbésẹ̀ tó ń kólòlò. Bí wọ́n bá bọ́ sínú àwòrán kan náà, ìró á kàn pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì ṣòro láti mọ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí iṣẹ́ tí àmì pè wo ìwọ̀n kó tó dáhùn: èyí tí kò tó ìdajì kò ní dún. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ìwọ̀n lè yí padà láàárín ìró àkọ́kọ́ àti èkejì, kí méjèèjì sì yege. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan rántí ìgbà tó dún kẹ́yìn:

```csharp
void OnFootstep(AnimationEvent e)
{
    if (e.animatorClipInfo.weight < 0.5f) return;
    int foot = e.intParameter; // 0 = òsì, 1 = ọ̀tún
    if (Time.time - last[foot] < 0.2f) return;
    last[foot] = Time.time;
    source.PlayOneShot(step);
}
```

Àlàfo 0.2 yìí kò léwu, nítorí ẹsẹ̀ kan náà kì í kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀, àní nínú ìsáré pàápàá. Bí a bá po ìṣípò mẹ́ta pọ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí èyí tó tó ìdajì, akọni á sì máa rìn láìdún. Níbẹ̀, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ kó dún.

Àpótí ìkọlù le ju ìró ẹsẹ̀ lọ, nítorí àmì méjì ló ní: ọ̀kan láti ṣí i, ọ̀kan láti pa á dé. Ká ní idà ṣí ní férémù 11, ó sì padé ní férémù 14, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọ̀tá bá gún akọni ní férémù 12, ìṣípò idà á já, ti ìrora á gba ipò rẹ̀, àmì tó yẹ kó pa àpótí dé kò sì ní dé láé. Akọni á wá máa rìn kiri pẹ̀lú idà tó ṣì ń pa ẹni tó bá fara kàn án. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ń gba ìrora gbọ́dọ̀ pa àpótí dé fúnra rẹ̀, kó má ṣe gbára lé àmì.

Ìlù onílọ̀ọ́po tún ní orísun mìíràn. Bí ọ̀tá bá ní àpótí lọ́tọ̀ fún orí, àyà àti apá, `OnTriggerEnter` á dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, idà tó yẹ kó gba agbára 10 á sì gba 30. Àkójọ orúkọ àwọn tí idà ti kàn, tí a ń nù kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan tí àpótí bá ṣí, ló ń dá èyí dúró. Ọ̀tá fúnra rẹ̀ ni ká kọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni pé kí ìlù má kan ẹnikẹ́ni rárá. Unity ń wo ìfarakàn ní gbogbo 0.02 ìṣẹ́jú àáyá, àfi bí a bá yí i padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kọ́sẹ̀ fún 0.15, àmì ìṣí àti àmì ìpadé lè ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán kan náà, láìsí àyẹ̀wò kankan láàárín wọn. Idà á gba ara ọ̀tá kọjá bí òjìji. Bí àpótí bá fẹ́ padé láìtíì ṣe àyẹ̀wò, kí iṣẹ́ náà fi `Physics.OverlapBox` wo ojú ọ̀nà tí idà gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré rẹ̀ ní àbùkù wọ̀nyí, kó sọ `QualitySettings.vSyncCount` di 0, kó sọ `Application.targetFrameRate` di 15, kó sì jẹ́ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ `Time.frameCount` àti orúkọ ẹsẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ òsì méjì tó tẹ̀ léra wọn láìsí ọ̀tún láàárín lè jẹ́ ẹ̀rí pé àmì ti pe ìró lẹ́ẹ̀mejì.