Báwo ni ẹ ṣe lè yọ ìkéde kúkúrú fún òṣìṣẹ́ jáde láti inú síláìdì ìfilọ́lẹ̀ ọjà tuntun?

Ilé iṣẹ́ kan ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọjà tuntun ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá kan fi síláìdì méjìlélógún ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń bójú tó ìwé ìròyìn abẹ́lé ilé iṣẹ́ náà. Ó ní kí ó bá òun yọ ìkéde ráńpẹ́ jáde nínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, kí ó sì ti wà nílẹ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọn á da àkọlé síláìdì kọ̀ọ̀kan kọ tẹ̀lé ara wọn, wọn á sì fi "inú wa dùn láti kéde" ṣíwájú rẹ̀. Ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń dùn ún kà, àmọ́ kì í ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí oníbàárà bá dúró níwájú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé oníbàárà, alágbàtà àti àwọn oníròyìn ni wọ́n ṣe síláìdì náà fún, kí ọjà náà lè wù wọ́n. Ìbéèrè ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni: kí ni ó yí padà, ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ó kàn mí níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ká a sí pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Kánò, tí ó ní ẹ̀ka ní Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ fíríísà tí ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́. Àwọn tí ń ta ẹja, ẹran àti ohun mímu tútù ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ ka ohun tí kò hàn lójú síláìdì

Ohun tí a kọ gàdàgbà sójú síláìdì kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dúró sọ̀rọ̀ níwájú èrò ni ó ń fi ẹnu parí rẹ̀, ìwé tí ẹ gbà kò sì ní ẹnu rẹ̀ nínú.

Bí ó bá jẹ́ PowerPoint ni wọ́n fi ṣe é, ẹ lọ sí View, kí ẹ tẹ Notes Page. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ náà kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní àpẹẹrẹ wa yìí, abẹ́ síláìdì kẹrin ni a ti rí i pé ọjà kò tíì dé Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀ lójú síláìdì fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń lo Outline View kí wọ́n lè tètè rí gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ lójú kan. Ẹ ṣọ́ra fún un. Àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú àyè tí a pèsè sílẹ̀ nìkan ni ó ń kó jọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú àpótí lọ́tọ̀ kì í hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú àwòrán. Inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn àlàyé wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ síláìdì sábà máa ń wà, àlàyé wọ̀nyí ni ó sì ń sọ ibi tí ìlérí ọjà náà mọ.

Ẹ wò ó bóyá síláìdì kan wà tí wọ́n fi pamọ́ pẹ̀lú. Nínú àtòkọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, ilà máa ń dá nọ́ńbà irú síláìdì bẹ́ẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá fi pamọ́ fún àwọn àlejò, ẹ má ṣe gbé e sínú ìkéde láì kọ́kọ́ béèrè ìdí.

Ìlérí mẹ́ta tí ó lè kó òṣìṣẹ́ sí wàhálà

Èyí àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta ni ó wà lójú síláìdì àkọ́kọ́, àmọ́ ọjọ́ ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ni ìyẹn. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹta ni títà yóò bẹ̀rẹ̀ ní Kánò, ó sì di ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ní Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì. Bí ìkéde bá sọ pé "ọjà tuntun wa ti jáde", òṣìṣẹ́ Jọ́ọ̀sì lè gba owó ọjà tí kò tíì sí ní ilé ìkẹ́rùsí.

Èkejì ni iye owó. Ohun tí síláìdì kẹsàn-án kọ gàdàgbà ni "12,000 náírà péré lọ́sẹ̀". Nígbà tí a wo àlàyé wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, a rí i pé oníbàárà yóò kọ́kọ́ san 90,000 náírà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa san 12,000 fún ọ̀sẹ̀ 52. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 12,000 lọ́nà 52 jẹ́ 624,000. Bí a bá fi 90,000 kún un, ó di 714,000 náírà. Ẹni tí ó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan náà yóò san 600,000. Ìyàtọ̀ 114,000 náírà ni ó wà láàárín méjèèjì, kò sì sí síláìdì kan tí ó dárúkọ rẹ̀.

Kò yẹ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìṣirò yìí fún òṣìṣẹ́ wa. Bí ó bá ti san owó oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ àpapọ̀ rẹ̀, yóò gbà pé a rẹ́ òun jẹ ni.

Ẹ̀kẹta ni agbára ọjà náà. Síláìdì kẹfà sọ pé: "Yìnyín fún ọjọ́ méjì láìsí oòrùn". Àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní kí fíríísà náà kún, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kí ooru àyíká má sì ju 30 díígírì lọ. Ẹni tí ó bá mọ Kánò mọ̀ pé ooru ibẹ̀ lè lé ní 40 díígírì ní oṣù Kẹrin, àti pé ẹni tí ń ta omi tútù yóò máa ṣí fíríísà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò bá ipò tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wà mu. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ "ọjọ́ méjì", ẹ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé e. Bí àyè kò bá sí, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá. Èyí sàn ju kí ẹ kọ ìdajì rẹ̀ lọ.

Kí ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Nínú síláìdì méjìlélógún náà, márùn-ún péré ni ó wúlò fún ìkéde òṣìṣẹ́. Ìtàn ilé iṣẹ́, àwòrán àwọn àlejò pàtàkì àti àlàyé bí ẹ̀rọ inú fíríísà ṣe ń ṣiṣẹ́ lè dúró sí àyè wọn. Ẹ sọ ibi tí a fi síláìdì náà pamọ́ sí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á lọ síbẹ̀.

Ohun méjì mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ wọlé rárá: síláìdì tí ó sọ èrè tí ilé iṣẹ́ ń retí lórí fíríísà kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ó fi ọjà wa wé ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Òṣìṣẹ́ nìkan ni a kọ ìwé ìròyìn abẹ́lé fún, àmọ́ ìṣẹ́jú kan tó kí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ pé oníbàárà yóò kà á.

Bí ìkéde náà ṣe rí nígbà tí ó parí

Ohun tí ẹnìkan kọ́kọ́ kọ nìyí: "Inú wa dùn láti kéde fíríísà oòrùn àrà ọ̀tọ̀, tí yóò yí ìgbé ayé àwọn oníṣòwò padà, pẹ̀lú 12,000 náírà péré lọ́sẹ̀ àti yìnyín ọjọ́ méjì." Gbogbo rẹ̀ ni ó ti inú síláìdì wá, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ tí ó kà á kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe.

Èyí ni a fi rọ́pò rẹ̀:

> Títà fíríísà oòrùn yóò bẹ̀rẹ̀ ní Kánò ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta
>
> Láti ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọ́fíìsì Kánò yóò máa ta fíríísà oòrùn fún àwọn oníṣòwò ẹja, ẹran àti ohun mímu. Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin.
>
> Iye rẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà fún ẹni tí ó bá sanwó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí yóò san díẹ̀díẹ̀ yóò san 90,000 sílẹ̀, lẹ́yìn náà 12,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 714,000 náírà. Ẹ sọ àpapọ̀ yìí fún oníbàárà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.
>
> Bí fíríísà bá kún, tí a kò ṣí i, tí ooru kò sì ju 30 díígírì lọ, yìnyín lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìsí oòrùn. Ẹ má ṣèlérí ju èyí lọ.
>
> Ẹ má ṣe gba owó kankan ṣáájú ọjọ́ títà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ó bá béèrè sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka títà.

Ẹ kíyèsí i pé àkọlé rẹ̀ dárúkọ ọjà, ibi àti ọjọ́. Ẹni tí kò bá ka jù bẹ́ẹ̀ lọ ti mọ kókó ọ̀rọ̀. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹnìkan pàtó tí yóò máa dáhùn ìbéèrè sí ìsàlẹ̀. "Ẹ kàn sí ẹ̀ka títà" nìkan kò tó, nítorí ohun tí a bá fún gbogbo èèyàn ṣe, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ fa ilà sí abẹ́ gbogbo ọjọ́ àti gbogbo iye owó tí ó wà nínú ìkéde náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà síláìdì tí ẹ ti rí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kò bá ní síláìdì, tàbí tí síláìdì méjì bá sọ ọ́ lọ́nà tí ó yàtọ̀, ẹ fi béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọjà náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fúnra yín yan èyí tí ó dà bí òótọ́. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá síláìdì tí ó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n lò ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí wọ́n sábà máa ń yí iye owó padà ní alẹ́ tí ó ṣáájú ayẹyẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnìkan tí kò sí níbi ayẹyẹ náà kà, bí awakọ̀ tàbí ẹni tí ń gba àlejò ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi í pé: "Bí oníbàárà bá béèrè fíríísà yìí lọ́wọ́ rẹ ní ọ̀la, kí ni wàá sọ fún un?" Bí ó bá dáhùn pé kò tíì sí títà, pé òun yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìkéde náà ti ṣetán. Bí ó bá ní kí ó mú 12,000 wá, ẹ padà sí ìpínrọ̀ kejì.