Ìrẹsì Pupa Inú Fọ́tò: Ibo Ló Ti Wá?

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ti rí ìrẹsì pupa nínú fọ́tò, jọ̀lọ́ọ̀fù Èkó la máa ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo hóró rẹ̀. Nínú fọ́tò tí mò ń wò yìí, hóró náà kéré, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́; tiwa máa ń gùn. Ẹja ńlá ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, kárọ́ọ̀tì, ìgbá àti kábéèjì tí wọ́n gé ní ègé gbàǹgbà-gbàǹgbà. Kò sí dòdò, kò sí mọ́ínmọ́ín.

Abọ́ fífẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n bù ú sí, lórí ẹní, ṣíbí sì yí i ká: àjọjẹ ni. Sẹ̀nẹ̀gàl nìyẹn. Ṣẹẹbu jẹn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àjọ Yunẹ́sikò sì fi í sínú àkójọ ogún àṣà lọ́dún 2021.

Àmọ́ abọ́ lè tanni jẹ, torí ilé oúnjẹ ní Dàkárì lè bù ú sí àwo fún ẹnì kan. Hóró àti ègé ẹ̀fọ́ ni mo gbára lé jù. Síbẹ̀, ará Gáḿbíà náà ń se bẹnaṣin, tó jọ ọ́ gan-an; fọ́tò nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.