Fáìlì Àkọ́kọ́ Ló Ń Pàṣẹ Fún Ìyókù

Bí oṣù bá ti ń parí lọ, iṣẹ́ kan wà tó máa ń sú ọ̀pọ̀ akọ̀wé ilé-iṣẹ́. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á fi fáìlì Excel tirẹ̀ ránṣẹ́, akọ̀wé á wá máa ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, á kọ́pì tibí, á lẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan. Bó bá fo ìlà kan, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀.

Irinṣẹ́ tó lè gba iṣẹ́ yìí ṣe ti wà nínú Excel tipẹ́. Power Query lorúkọ rẹ̀. Lórí Excel 2010 àti 2013, èèyàn ní láti gbà á wálẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti kì í mọ́ Excel fúnra rẹ̀, lábẹ́ Data.

Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ta símẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé n'Íbàdàn, tó ní ẹ̀ka ní Àpáta, Bódìjà àti Dùgbẹ̀. Fáìlì oṣù kìíní ni Apata_Jan.xlsx, Bodija_Jan.xlsx àti Dugbe_Jan.xlsx. Òpó mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ojo, Oja, Iye àti Owo. Akọ̀wé kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fódà kan ṣoṣo. Ó ṣí ìwé Excel tuntun, ó tẹ Data, Get Data, From File, lẹ́yìn náà From Folder, ó sì tọ́ka sí fódà náà. Nígbà tí orúkọ àwọn fáìlì yọ, ó tẹ Combine & Transform Data, ó mú ṣíìtì tó fẹ́, ó sì fi Close & Load parí rẹ̀. Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà yìí lọ:

```
= Folder.Files("C:\Tita")
```

Fódà ni Excel ń wò, kì í ṣe fáìlì kan pàtó. Nítorí náà, bí oṣù kejì bá dé, kí akọ̀wé kàn ju fáìlì mẹ́ta tuntun síbẹ̀, kó tẹ Refresh All, ìjábọ̀ á gbé oṣù méjèèjì pọ̀. Òpó kan tún wà tí Excel fúnra rẹ̀ ń fi kún un, Source.Name, tó ń sọ fáìlì tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá. Kí akọ̀wé má ṣe pa á rẹ́ o! Kí ìwé ìjábọ̀ fúnra rẹ̀ má sì gbé inú fódà yìí, kí Excel má baà kà á mọ́ ọn.

Ibi tó ti ń dojú rú nìyí. Fáìlì tó bá ṣáájú nínú fódà ni Excel máa ń fi ṣe àwòṣe, àyàfi bí èèyàn bá yan òmíràn. Orúkọ òpó tó bá rí nínú rẹ̀ nìkan ni yóò máa wá kiri nínú àwọn yòókù. Bó bá di oṣù kẹta, tí akọ̀wé Dùgbẹ̀ kọ "Owo tita" dípò "Owo", Excel kò ní pariwo. Á kàn fi àyè owó Dùgbẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí Dùgbẹ̀ bá ta ọjà ₦2,400,000 lóṣù náà, tí àpapọ̀ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ₦6,100,000, ₦3,700,000 ni ìjábọ̀ máa gbé jáde, láìsí àmì kankan pé nǹkan sọnù. Bákan náà, bí Bódìjà bá fi òpó ẹ̀dínwó kún tirẹ̀, òpó náà kò ní wọlé rárá.

Ọ̀nà àtimọ̀ kò le. Kí akọ̀wé ṣe PivotTable kan tó to Source.Name sí ìlà, kó sì ro Owo pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fáìlì tí owó rẹ̀ bá ṣófo á hàn kedere.

Ká wá ní wọ́n ṣí ẹ̀ka tuntun ní Àgọ́dì. Agodi_Apr.xlsx á ṣáájú Apata_Jan.xlsx nínú ètò ábídí, òun ló sì di àwòṣe. Bó bá jẹ́ "Owo tita" ni Àgọ́dì náà kọ, gbogbo ìjábọ̀ á dúró, Excel á sì ké pé `The column 'Owo' of the table wasn't found.` Ìyẹn ṣì sàn, torí èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ohun tí ọlọ́gbọ́n akọ̀wé máa ń ṣe ni pé kó ṣe fáìlì òfìfo kan tó ní àkọlé òpó nìkan, kó pè é ní 00_Awose.xlsx, kó fi í sínú fódà, kó sì yan án ní Sample File láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ náà ni kó pín fún gbogbo ẹ̀ka láti máa kọ iṣẹ́ wọn sí, kí orúkọ ṣíìtì má baà yàtọ̀. Bí ìyẹn bá yàtọ̀, `The key didn't match any rows in the table` ni wọn yóò rí.

Bí wọ́n bá gbé fódà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n ṣàtúnṣe ojú ọ̀nà tó wà nínú ìlà òkè yẹn, ní Data Source Settings. Bí PivotTable bá sì ṣì ń gbé owó oṣù tó kọjá lẹ́yìn Refresh All, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti sáré ṣáájú kí kíkà fódà tó parí. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí wọ́n yọ àmì kúrò níwájú Enable background refresh nínú Query Properties.