Láti Inú Ìpínrọ̀ Gbọọrọ sí Gbólóhùn Ète Kan Ṣoṣo: Àyẹ̀wò Ìfáàrà Ìjábọ̀ Ilé-Iṣẹ́ ní Agbègbè Sàngó-Ọ̀tà

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe lè gé ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́, tí ó gùn tí kò sì ní orí, di gbólóhùn kan tí ó sọ ète ìjábọ̀ náà. Agbègbè Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni a mú gẹ́gẹ́ bí ibùdó àpẹẹrẹ wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tí wọn yóò ṣiṣẹ́ ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìjábọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò èrò ni àléébù tí a ń sọ, kì í ṣe èdè. Ìdí nìyí tí a fi lè fi Yorùbá kọ́ni ní àtúnṣe rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú ìfáàrà gùn

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, Yorùbá kì í bá ènìyàn pàdé kí ó já lu ọ̀rọ̀ láìkí i. Àṣà yìí dára ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe tí ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Olùgbọ́ tí ó jókòó síwájú wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ó sì lè bi wá ní ìbéèrè. Ẹni tí ó ń ka ìjábọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìlú mìíràn ni ó wà, tàbí pé lẹ́yìn ọdún méjì ni yóò fa ìwé náà yọ nínú fáìlì. Odindi ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ fún un, kí a sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ

Ilé-iṣẹ́ Ṣẹ́ẹ̀lì Nàìjíríà Gáàsì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀pá gáàsì dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Ọ̀tà àti Àgbárá. Nítorí náà, ìbéèrè gidi ni fún ilé-iṣẹ́ tí ó ń sun dísù bóyá kí ó bọ́ sí gáàsì. Àwa ni a hun ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ yìí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. A fi nọ́ńbà sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan:

"(1) Láti ọjọ́ tí a ti dá ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀ ní Sàngó-Ọ̀tà ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti jẹ́ ìṣòro ńlá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri orílẹ̀-èdè wa. (2) Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láìsí iná, ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́. (3) Ẹ̀ka ìtọ́jú ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ olùdarí fún jẹnẹrétọ̀ méjèèjì tí wọ́n bá wa tún ṣe. (4) Láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún yìí, owó dísù ga ju bí a ti fojú bù ú lọ. (5) Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò wa ti ń lo gáàsì, wọ́n sì ní ó dára. (6) Nítorí náà, a rí i pé ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ gáàsì yẹ̀ wò, kí àwọn olùdarí lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe."

Yíya gbólóhùn sọ́tọ̀

Kí a tó gé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe. Èkíní àti èkejì sọ ohun tí olùkà ti mọ̀; a ó pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìdúpẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n inú lẹ́tà tí a fi ṣáájú ìjábọ̀ ni àyè rẹ̀ wà. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ẹ̀rí. A ó gbé e lọ sí ìpín tí ó sọ̀rọ̀ owó dísù, pẹ̀lú iye rẹ̀ gan-an. Ẹ̀karùn-ún jẹ́ gbọ́yìísọyìí. Bí akọ̀wé bá lè bẹ ọ̀kan wò nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà, yóò di ẹ̀rí; bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó yọ ọ́. Ẹ̀kẹfà nìkan ni ète fara pamọ́ sí. Ẹ ó rí i pé gbólóhùn méjì péré ni a pa rẹ́ pátápátá. Gígé ìfáàrà kì í sábà jẹ́ ìparẹ́. Ìdápadà sí àyè ni.

Kíkọ gbólóhùn ète

Ìbéèrè tí ó ń fa ète yọ ni pé: nígbà tí olùkà bá ka ìjábọ̀ yìí tán, kí ni a fẹ́ kí ó lè pinnu? Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdáhùn ni ríra jẹnẹrétọ̀ onígáàsì tàbí àìrà á. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí:

"Ìjábọ̀ yìí dá lórí gáàsì."

Orí-ọ̀rọ̀ nìyí, kì í ṣe ète. A kò mọ ohun tí ìjábọ̀ náà fẹ́ ṣe sí gáàsì. Síwájú sí i, àwọn kan ń pe dísù pàápàá ní gáàsì, nítorí náà ó yẹ kí a kọ "gáàsì inú ọ̀pá". Òmíràn a kọ ọ́ pé:

"Ète ìjábọ̀ yìí ni láti fi hàn pé gáàsì kò wọ́n tó dísù."

Èyí ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí. Àbájáde ni, ìparí ìjábọ̀ sì ni àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ inú ìjábọ̀ mu ni "fi wé":

"Ìjábọ̀ yìí fi owó tí a fi ra dísù láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2023 wé owó tí a ó fi ra gáàsì inú ọ̀pá fún ìwọ̀n iná kan náà, kí ìgbìmọ̀ olùdarí lè pinnu bóyá kí a ra jẹnẹrétọ̀ onígáàsì."

A kọ ọdún náà gan-an nítorí pé "ọdún yìí" yóò ṣi ẹni tí ó bá kà á lọ́jọ́ iwájú lọ́nà.

Ìdánwò

Ẹ fún ẹlòmíràn ní gbólóhùn yìí nìkan, kí ó sọ àwọn ìpín tí ó retí nínú ìjábọ̀. Ẹni tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò béèrè pé: owó jẹnẹrétọ̀ tuntun àti owó síso ọ̀pá mọ́ ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ tí ó bá wo owó ohun sísun nìkan lè ra ẹ̀rọ tí apá wọn kò ká. Ìdánwò náà ti fi àlàfo hàn, ó sì lè jẹ́ pé inú ìjábọ̀ fúnra rẹ̀ ni àlàfo náà wà. Bí a bá ti ṣe ìṣirò náà, gbólóhùn wa yóò di:

"Kí ìgbìmọ̀ olùdarí lè pinnu bóyá kí a ra jẹnẹrétọ̀ onígáàsì, ìjábọ̀ yìí fi owó tí a fi ra dísù láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2023 wé gbogbo owó tí gáàsì inú ọ̀pá yóò ná wa: ẹ̀rọ, ìsopọ̀ ọ̀pá àti gáàsì fúnra rẹ̀."

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé gbólóhùn ète gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ìjábọ̀ ṣe, ohun tí ó ṣe é sí, ààlà àkókò rẹ̀, àti ìpinnu tí ó wà fún. Ọ̀nà yìí ní ààlà tirẹ̀. Bí olùkà kò bá béèrè fún ìjábọ̀ náà rárá, ó yẹ kí gbólóhùn kan tẹ̀ lé ète láti sọ ohun tí ó fa á. Nínú kíláàsì, olùkọ́ lè kọ ìpínrọ̀ òkè yìí sí ojú pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ àyè tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń lọ kí wọ́n tó gé e. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gé e lè pàdánù ẹ̀kẹrin, tí ó jẹ́ ẹ̀rí, pẹ̀lú èkíní àti èkejì tí kò wúlò.