Omi Nínú Páìpù Gbígbóná: Báwo Ni Yóò Ṣe Gbóná Tó Tó Bá Ń Jáde?

Bí omi bá ń gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí wọ́n sì fi wáyà iná yí ara páìpù náà ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbéèrè méjì ló máa ń jẹ yọ. Àkọ́kọ́ ni pé báwo ni omi náà yóò ṣe gbóná tó nígbà tó bá ń jáde. Èkejì ni pé dígírì mélòó ni ara páìpù fúnra rẹ̀ yóò fi gbóná ju omi inú rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kejì ló le jù, òun náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí ara páìpù ni nǹkan ti máa ń jóná. Ibẹ̀ ni wàrà ti ń lẹ̀ mọ́ irin, ibẹ̀ ni òróró ti ń dúdú, bí èyí tó wà láàárín kò tilẹ̀ tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò tó dáhùn ìbéèrè méjèèjì dúró lórí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ooru tó ń wọ páìpù kò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: iye tí sẹ́ńtímítà àkọ́kọ́ ń gbà ni sẹ́ńtímítà tó kẹ́yìn náà ń gbà. Wáyà iná tí wọ́n fi àlàfo kan náà yí páìpù ká máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé omi náà gbọ́dọ̀ máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni èyí tí omi fi ń lọ ní ìpele-ìpele, bí àlùbọ́sà ṣe bo ara rẹ̀ ní ìpele, tí ọ̀kan kì í sì í dà mọ́ èkejì. Ní ọdún 1883, ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Osborne Reynolds da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú páìpù onígíláàsì kí ó lè fojú rí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí omi rọra ń lọ, aró náà nà gbọọrọ láì fọ́n ká. Nígbà tó jẹ́ kí omi túbọ̀ yára, ó dé ibi kan tí aró náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, tó sì dà pọ̀ mọ́ gbogbo omi. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ìyípadà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. A máa ń rí i nípa fífi eré omi, fífẹ̀ ihò páìpù àti ìwúwo omi sọ ara wọn di púpọ̀, kí a tó wá fi bí omi náà ṣe ki tó pín in. Bí nọ́ńbà Reynolds kò bá tó 2300, ìṣàn inú páìpù sábà máa ń jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ páìpù kò tíì rí ìdúró. Ìpele tó kan ara páìpù ń dúró gbagidi, ó ń fa èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, ìyẹn náà ń fa tẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi àárín ń yára sí i. Tó bá lọ jìnnà díẹ̀, ìtò eré yìí kò ní yí padà mọ́, omi tó wà láàárín gbùngbùn yóò sì máa lọ ní ìlọ́po méjì eré ìpíndọ́gba. Ìṣàn tó ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Bí ooru náà ṣe tò káàkiri inú omi ní ìgbà tirẹ̀ tó ń fìdí múlẹ̀, nínú omi, ó sì máa ń pẹ́ ju ti eré lọ.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú gbogbo rẹ̀ ṣe kedere. Páìpù bàbà kan gùn ní mítà 2, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 2. Wáyà iná tó yí i ká ń fún un ní wáàtì 84, wọ́n sì wé e níta dáadáa kí ooru má baà sá lọ. Omi ń wọlé ní dígírì 25, gíráàmù 1 ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí a bá lo bí omi ṣe ki tó ní dígírì 35, tó wà láàárín ìgbóná ìwọlé àti ti àbájáde, nọ́ńbà Reynolds yóò jẹ́ nǹkan bí 880. Ó jìnnà sí 2300 dáadáa.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ju ìṣirò owó tó wọlé àti owó tó jáde lọ. Wáàtì 84 ni júùlù 84 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gíráàmù omi kan sì ń fẹ́ júùlù 4.18 kí ó tó lè fi dígírì 1 gbóná sí i.

```
Tjade - Twole = Q / (m × c) = 84 / (1 × 4.18) = 20.1
```

Q ni ooru tó ń wọlé, m ni gíráàmù omi ní ìṣẹ́jú àáyá kan, c sì ni júùlù tí gíráàmù kan nílò. Omi náà yóò jáde ní nǹkan bí dígírì 45. Nítorí pé ooru ń wọlé bákan náà níbi gbogbo, dígírì 10 ni omi ń gbà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ní ìlà tó tọ́: ní ìdajì ọ̀nà, yóò wà ní dígírì 35. Kò sí ohun tó kan ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ìdáhùn yìí. Bí omi tilẹ̀ ń ru gùdù, iye kan náà ni yóò jáde.

Ṣùgbọ́n dígírì 45 wo ni? Omi tó wà nítòsí ara páìpù gbóná ju ti àárín lọ, nítorí náà kò sí ìgbóná kan ṣoṣo lẹ́nu páìpù. Ìgbóná tí ìṣirò ń sọ ni èyí tí tẹmómítà yóò kà bí a bá gbe omi tó ń jáde sínú ife, tí a sì rò ó pọ̀. Ẹni tó bá ki tẹmómítà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín gbùngbùn ẹnu páìpù yìí yóò rí nǹkan bí dígírì 42, yóò sì rò pé dígírì 3 ti sọnù. Kò sọnù. Ó wà nínú omi tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara páìpù.

Ìbéèrè kejì ló nílò ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Níwọ̀n bí ìpele kan kò ti ń dà mọ́ èkejì, ooru kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó máa ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn, díẹ̀díẹ̀, láti ara páìpù lọ sí àárín. Omi kì í sì í gbé ooru kọjá lọ́nà báyìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ara páìpù fi gbọ́dọ̀ gbóná jù ú lọ kí ooru tó lè wọlé. Bí ìṣàn bá ti fìdí múlẹ̀, tí ooru sì ń wọlé bákan náà níbi gbogbo, ìṣirò náà ní ìdáhùn pípé: nọ́ńbà tó ń jẹ́ orúkọ Wilhelm Nusselt, ará Jámánì, yóò jẹ́ 48 tí a fi 11 pín, ìyẹn 4.36. Láti inú rẹ̀ ni èyí ti jáde:

```
Tara - Tomi = 11 × Q / (48 × π × k × L)
            = 11 × 84 / (48 × 3.14 × 0.625 × 2) = 4.9
```

L ni gígùn páìpù ní mítà, k sì ni bí omi ṣe ń gbé ooru kọjá nínú ara rẹ̀, tó jẹ́ 0.625 ní dígírì 35. Ara páìpù yóò fi nǹkan bí dígírì 5 gbóná ju omi lọ. Ní ìdajì ọ̀nà, omi wà ní dígírì 35, ara páìpù sì wà ní 40. Lẹ́nu àbájáde, omi wà ní 45, ara páìpù sì wà ní 50. Ìlà méjèèjì ń gòkè pa pọ̀ láì súnmọ́ ara wọn, láì sì jìnnà síra wọn.

Ohun tó yẹ kéèyàn tẹjú mọ́ ni èyí tí kò sí nínú ìṣirò kejì yìí. Eré omi kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ ihò páìpù. Bí omi bá di gíráàmù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò jáde ní dígírì 35 dípò 45, àmọ́ lẹ́nu àbájáde, ara páìpù yóò ṣì fi nǹkan bí 5 gbóná jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí omi bá yára, yóò gba ooru lára irin dáadáa sí i. Òótọ́ nìyẹn nígbà tí omi bá ń ru gùdù, torí rírú náà ló ń gbé omi gbígbóná kúrò lára irin. Nínú ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ tó ti fìdí múlẹ̀, yíyára kò ro ohunkóhun pọ̀. Ti ihò páìpù náà jọ ọ́: bí ó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ooru tó ń gba orí ààyè kan náà kọjá yóò di ìdajì, ọ̀nà tó máa rìn dé àárín yóò sì di ìlọ́po méjì, ọ̀kan á sì pa èkejì rẹ́. Ohun tó ń dín ìyàtọ̀ náà kù ni kí páìpù gùn sí i, kí ooru dín kù, tàbí kí ohun tó ń ṣàn jẹ́ èyí tí ooru ń tètè gbà kọjá. Fún òróró ẹ́ńjìnnì tí k tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.144, ìṣirò kan náà fún wa ní dígírì 21.

Ìṣirò yìí ní ibi tó mọ. Lẹ́nu ìwọlé, ooru kò tíì wọ inú omi jìnnà, nítorí náà ìyàtọ̀ ara páìpù àti omi níbẹ̀ kéré sí 4.9. Gígùn apá tí kò tíì fìdí múlẹ̀ yìí tó 0.05 × nọ́ńbà Reynolds × nọ́ńbà Prandtl × fífẹ̀ ihò. Nọ́ńbà Prandtl omi ní dígírì 35 jẹ́ nǹkan bí 4.8. Nínú páìpù wa, ó jẹ́ sẹ́ńtímítà 43, ó sì ku ju mítà kan àbọ̀ lọ. Bí páìpù náà kò bá ju sẹ́ńtímítà 30 lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lo 4.36 fún un. Bákan náà ni pé bí omi bá di gíráàmù 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà Reynolds yóò kọjá 3000, ara páìpù yóò sì tutù ju bí ìṣirò ṣe wí lọ. Bí ó bá sì jẹ́ oruku omi gbígbóná ni wọ́n fi yí páìpù ká dípò wáyà, ara páìpù ni yóò dúró lójú kan, ooru tó ń wọlé yóò máa dín kù bí omi ṣe ń gbóná, 3.66 ni a óò sì lò dípò 4.36.

Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń yí ìdáhùn padà ni ooru tó ń sá lọ síta. Bí omi inú ife bá wà ní dígírì 43 dípò 45, wáàtì 75 péré ló wọ inú rẹ̀; nǹkan bí 9 ti gba ara ìdì náà jáde, 75 yìí ló sì yẹ kí a fi ṣe ìṣirò kejì.

Ohun kejì fara pamọ́ ju ìyẹn lọ. Nínú páìpù tó nà sílẹ̀, omi gbígbóná tó wà lára irin fúyẹ́, ó sì máa ń gòkè lọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́, tí omi tútù á sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín. Ìyípo yìí ń ro omi pọ̀, ó sì ń mú kí ìyàtọ̀ ara páìpù àti omi kéré ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a fi ohun ìwọngbóná sí orí páìpù àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú kan náà: bí orí bá gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyípo náà ti bẹ̀rẹ̀. Agbára rẹ̀ ń pọ̀ ní ìlọ́po 8 bí ihò páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tí ìyàtọ̀ ìgbóná kò sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí ihò mìlímítà 2 fi dára fún àpẹẹrẹ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí omi tó lè gbà á kọjá, ojú omi inú àgbá tó ń tì í gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bí sẹ́ńtímítà 37 ju ẹnu àbájáde lọ.