Ìwé Àdéhùn Ṣọ́ọ̀bù ní Sùúrùlérè

Láti ìgbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe Òfin Ìyálégbé ní ọdún 2011, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wí pé òfin yóò gba àwọn, tí wọn kò sì ka ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ sí. Òótọ́ ni pé òfin náà mú ṣọ́ọ̀bù mọ́ ilé gbígbé. Àdúgbò mẹ́rin péré ni ó yọ sílẹ̀: Àpápá, Ìkòyí, Erékùṣù Fitóríà àti ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà. Sùúrùlérè kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti kọ ọ́. Lórí nótíìsì, lórí àtúnṣe àti lórí àfikún owó, ohun kan náà ni ó ń sọ: bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ̀yìn ìwé ni òfin dúró sí; kò sí níwájú rẹ̀.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, tí í ṣe aránṣọ, mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á kí n tó fọwọ́ sí i." Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, lẹ́bàá títì, ₦600,000 ní ọdún kan.

Ìwé náà wí pé oṣù kan ni nótíìsì. Bí ìwé bá dákẹ́, oṣù mẹ́fà ni òfin fún ẹni tí ó yá ilé láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, bí ó bá ti fọwọ́ sí i, oṣù márùn-ún ni ì bá fi tọrẹ. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, tí aṣọ àwọn oníbàárà sì kún ọwọ́ rẹ̀, níbo ni yóò ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn láàárín oṣù kan? Ọ̀rọ̀ kan tún fara pamọ́ níbẹ̀: "fún ọdún kan péré." Bí a bá kọ ọ́ báyìí, tí ọdún náà sì pé, onílé kò jẹ ẹ́ ní nótíìsì ìkólọ kankan mọ́, ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù ti tó. "Láti ọdún dé ọdún" ni kí ẹ jẹ́ kí a kọ. Síbẹ̀, ohunkóhun tí ìwé ìbáà wí, kóòtù ni onílé gbọ́dọ̀ gbà. Onílé tí ó bá fi agbára lé ayálégbé jáde lè san ₦250,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ní ti àtúnṣe, ìwé náà wí pé ayálégbé ni yóò ṣe "gbogbo" rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ń jẹ owó jù. Pẹ̀lú òjò tí ń rọ̀ ní Sùúrùlérè, páànù kan tí ó ń jò lè ba léèsì ènìyàn mẹ́wàá jẹ́ ní òru kan. Mo ní kí wọ́n pín in: òrùlé, ògiri ìta, gọ́tà àti páìpù fún onílé, kọ́kọ́rọ́, gíláàsì fèrèsé àti ọ̀dà inú fún ayálégbé, láìka ohun tí ó gbó fún ra rẹ̀ sí. Bí onílé bá fi ara ìta ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìtún un ṣe, kóòtù lè mú un san owó ìtánràn fún oníṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i. Ẹjọ́ tí a fi ẹnu rò fún un lẹ́nu ọ̀nà kò tó. Kí ẹ̀dà lẹ́tà náà àti ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì wọlé, ẹ kọ gbogbo ibi tí ó ti sán lára ògiri sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ni a ó ní ó ṣe é.

Ti owó ni ó le jù. "A ó yẹ owó wò gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ti rí." Ta ni yóò wo ọjà náà? Ẹni tí ó ti wà nínú ilé lè bẹ kóòtù pé àfikún náà pọ̀ jù, adájọ́ yóò sì wo iye tí a ń san fún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ máa pa iṣẹ́ tì lọ sí kóòtù? Ó sàn kí a kọ iye rẹ̀. A béèrè pé kí ó jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì méjì, kí lẹ́tà ti ṣáájú ní oṣù mẹ́ta, kí ó má sì ju kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan: èyí yóò sọ ₦600,000 di ₦660,000 ní ọdún kẹta. A tún ní kí a má ṣe ka táìsì àti pẹpẹ tí obìnrin náà fi owó ara rẹ̀ ṣe mọ́ ohun tí ó sọ ṣọ́ọ̀bù di ọ̀wọ́n.

Ajẹ́ńtì kùn. Onílé gba ti nótíìsì àti ti òrùlé. Ó ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá kéré, nítorí sìmẹ́ńtì kò dúró sójú kan. N kò lè dá a lẹ́bi. Wọ́n parí rẹ̀ sí kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí í ṣe ₦690,000 ní ọdún kẹta, wọ́n sì kọ ọ́. Owó ọdún kan ni ó san, nítorí òfin 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ayálégbé titun, ó sì gba rìsíìtì rẹ̀ kí ó tó kó ẹ̀rọ wọlé.